Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Àyẹ̀wò Ìfun

Àkànní ọmọ mi,

Ìròyìn tí mo gbọ́ pé o ti pé ọmọ ọdún 45, tí dókítà sì ní kí o wá ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ṣùgbọ́n tí o ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la nítorí owó, ni ó mú mi gbé gègé. Nítorí èmi tí mo ti ṣáájú rẹ dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ̀ pé òfin ti bọ́ ẹrù owó yẹn kúrò lórí rẹ.

Òfin ìlera tí Ààrẹ Ọbámà fọwọ́ sí ní ọdún 2010 ni ó kà á léèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí tó ṣe àyẹ̀wò, tí àwọn ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìṣègùn là sílẹ̀ fún irú ọjọ́ orí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ti lọ sọ́dọ̀ dókítà tó wà nínú àkójọ ìnṣọ́ránsì náà. Ní ọdún 2021 ni wọ́n sì fa ọjọ́ orí àyẹ̀wò ìfun wálẹ̀ láti 50 sí 45. Àwọn ìnṣọ́ránsì onígbà kúkúrú, àti àwọn ti àtijọ́ tó ti wà kí òfin tó dé tí wọn kò sì yí padà, ni kò sí lábẹ́ àṣẹ yìí.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí ọ́fíìsì dókítà bá sì kọ sínú ìwé ni ìnṣọ́ránsì ń wò kí ó tó sanwó. Bí kò bá sí àmì àìsàn kankan lára rẹ, àyẹ̀wò ìdènà ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ò ń rí nínú ìgbẹ́, àyẹ̀wò àìsàn ni wọn yóò pè é, o sì lè san ìpín tìrẹ. Síbẹ̀, má ṣe tìtorí owó fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ fún dókítà, nítorí àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Jẹ́ kí a sọ pé ìgbẹ́ ni o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, tí èsì sì ní ohun kan wà níbẹ̀, tí wọ́n wá ki okùn oníkámẹ́rà sínú ìfun rẹ: láti ọdún 2022, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò kejì yìí náà. Bí wọ́n bá sì rí kókó kékeré kan, tí wọ́n gé e lójú ẹsẹ̀ kí ó má baà di jẹjẹrẹ, ìgékúrò rẹ̀, oògùn oorun, àti yíyẹ kókó náà wò, gbogbo rẹ̀ wà nínú ọ̀fẹ́ ọ̀hún. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé akọ̀wé lè rí kókó náà, kí ó sì kọ àyẹ̀wò àìsàn sílẹ̀. Bí ìwé owó bá dé, má sanwó kíákíá. Bi ọ́fíìsì náà bóyá wọ́n fi àmì 33, èyí tó ń fi ìdènà hàn, sí i, kí wọ́n sì tún un fi ránṣẹ́. Bí ìnṣọ́ránsì bá ṣì kọ̀, o ní 180 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí. Tẹ ìnṣọ́ránsì rẹ láago ní ọ̀sẹ̀ yìí, bi wọ́n bóyá dókítà náà wà nínú àkójọ wọn, kí o sì gba ọjọ́.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.