Epo Jẹnẹrétọ̀: Bí A Ṣe Lè Ṣírò Owó Rẹ̀ fún Oṣù Kan

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé òun kò ní máa san owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróò mọ́, owó epo ti di ohun tí a ní láti kọ sílẹ̀ kí a tó dá iye lé iṣẹ́ wa. Lónìí a óò bá télọ̀ kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀nà Lọ́kọ́jà ṣírò tirẹ̀.

Wọ́n kọ 2.5 kVA sí ara jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Kí a tó lè mọ iye wọ́ọ̀tì rẹ̀, a óò fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀. Kilówọ́ọ̀tì 2 ni, èyíinì ni wọ́ọ̀tì 2,000. Bí ẹ bá rí iye méjì lára tiyín, èyí tí ó kéré ni kí ẹ mú, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jẹ́ ti ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

Ó kan ohun tí ó ń lo iná. Gílóòbù mẹ́rin jẹ́ 40, fáànù méjì jẹ́ 120, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ń lo iná jẹ́ 140. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì 300. Áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Wọ́ọ̀tì 1,000 ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n kì í gba iná ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá gbóná tán, á dákẹ́; bí ó bá tutù díẹ̀, á tún gbà á. Tí a bá ka ìṣẹ́jú tí ó fi ń gba iná nínú wákàtí kan, ká ní ó jẹ́ 12, ìdá kan nínú márùn-ún ni, nítorí náà a óò kọ 200. Àpapọ̀ rẹ̀ di 500, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin agbára jẹnẹrétọ̀ náà.

Ibi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní, “Bí ẹrù bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, epo náà á jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin.” Rárá o! Ẹnjìnnì ń jẹun kí ó tó gbé ẹrù kankan. Epo kan wà fún yíyí ara rẹ̀ lásán, òmíràn sì wà fún iṣẹ́.

Kí a lè mọ ti yíyí lásán, ẹ gbé e síta, ẹ rọ epo kún táńkì dé àmì kan, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan láìfi ohunkóhun sí i. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kí ẹ tó fi ìgò tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ rọ epo padà dé àmì náà. Ká ní ó gba ààbọ̀ lítà, 0.5. Ká sì ní ìwé rẹ̀ sọ pé lítà 1.3 ni ó ń jẹ ní wákàtí kan bí ẹrù bá kún. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.8. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 0.2. Ẹ fi kún 0.5, ó di lítà 0.7 fún wákàtí kan.

Télọ̀ wa ń tan iná fún wákàtí 5 lójoojúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Wákàtí 130 nìyẹn, epo rẹ̀ sì jẹ́ lítà 91. Bí lítà kan bá jẹ́ náírà 1,000, owó rẹ̀ jẹ́ náírà 91,000. Ẹni tí ó bá pín 1.3 sí mẹ́rin yóò rò pé náírà 42,250 ló máa ná. Ibo ni yóò ti rí náírà 48,750 tó kù? Nínú owó aṣọ oníbàárà tí ó ti gbà ṣáájú ni, gbèsè sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wò ó dáadáa: nínú 0.7 yẹn, 0.5 ni ẹnjìnnì fi ń yí ara rẹ̀. Bí télọ̀ bá kó aṣọ lílọ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ jọ sí wákàtí 3, tí ó ń gé aṣọ nígbà tí iná wà ní pípa, epo yíyí di lítà 1.5 lójúmọ́, epo iṣẹ́ kò sì ní ju lítà 1 lọ. Lítà 2.5 dípò 3.5 nìyẹn. Ní ọjọ́ 26, lítà 26 ló kù sílé. Owó ọ́ìlì ẹnjìnnì kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Kí ẹ sì tún ìwọ̀n wákàtí kan yẹn ṣe lóṣooṣù. Bí ohun tí ń gba 0.5 bá bẹ̀rẹ̀ sí gba 0.7 láìgbé ẹrù, ẹ yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò bóyá eruku ọyẹ́ ti dí i, kí ẹ sì wo ṣóòkì bóyá kò ṣí tán. Èéfín dúdú a máa jáde pẹ̀lú.