Kò, Kò Tíì àti Kì Í Nínú Ímeèlì sí Olùkọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ pé olùkọ́ yunifásítì kan rán akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n lọ gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn aládìrẹ sílẹ̀. Wọ́n pín in láàárín ara wọn. Ẹnì kan gba àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n ń fi ìko di. Ẹnì kan gba àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹnì kẹta ni yóò kọ orúkọ àwọn ọnà ara aṣọ. Ẹnì kẹrin ni yóò bi àwọn aláró léèrè bí wọ́n ṣe ń fi ewé èlú ṣe aró. Olórí wọn ni yóò ya àwòrán, tí yóò sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó wá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, apá mẹ́ta péré ló parí. Olórí jókòó, ó kọ ímeèlì yìí sí olùkọ́:

“Ẹ káàsán sà. Lágbájá àti Tàmẹ̀dò kò ṣe nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí. Wọn kì í wá sí ìpàdé, wọn kì í gbé fóònù. Èmi ni mo ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ yọ orúkọ wọn kúrò.”

Kò sí èébú níbẹ̀. “Ẹ” wà níbi tó yẹ, “sà” náà wà. Síbẹ̀, ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tó bá kà á yóò mọ̀ pé inú ń bí ẹni tó kọ ọ́, yóò sì máa ṣe kàyéfì bóyá òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ àyísódì tó lò.

Ẹ wo “kì í” ná. Ìṣe ẹni ni “kì í” ń sọ, ohun tó ti di bárakú. Bí mo bá ní bàbá mi kì í mu sìgá, n kò sọ ti òní nìkan. Mo sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Nítorí náà, “Lágbájá kì í wá sí ìpàdé” túmọ̀ sí pé kò wá rí, àti pé ìwà rẹ̀ nìyẹn. Bí ìpàdé bá jẹ́ mẹ́rin, tí Lágbájá wá sí èyí àkọ́kọ́, irọ́ ti wọ inú ímeèlì náà, bí ẹni tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ pète rẹ̀. “Kò wá sí ìpàdé ọjọ́ 9, 16 àti 23” ni òótọ́. Ó gùn ju “kì í wá” lọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò, Lágbájá náà kò sì lè bínú sí i, torí ọjọ́ ni a kà, a kò ka ìwà.

“Kò” fúnra rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìṣe bíi “ṣe” tàbí “ránṣẹ́” bá tẹ̀ lé e, máa ń parí ọ̀rọ̀: “kò fi iṣẹ́ ránṣẹ́”, ó tán. “Kò tíì fi iṣẹ́ ránṣẹ́” ń sọ bí nǹkan ṣe rí títí di ìsinsìnyí, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀la. Níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ ìfisílẹ̀ kò tíì pé, “kò tíì” ló bá ọ̀rọ̀ náà mu. Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí àwọn kan rò pé ọgbọ́n ìpọ́nni lásán ni “kò tíì”. Rárá o. Bí ọjọ́ ìfisílẹ̀ bá ti kọjá, “kò tíì” ti di àbòsí. “Kò” ni kí a kọ nígbà náà, láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ti “èmi ni” ńkọ́? “Mo ya àwòrán” sọ iṣẹ́ tí mo ṣe. “Èmi ni mo ya àwòrán” tún sọ pé kì í ṣe ẹlòmíràn. Ó dára bí olùkọ́ bá béèrè ẹni tó yà á. Ṣùgbọ́n “èmi ni mo ń ṣe gbogbo rẹ̀” ti pa iṣẹ́ àwọn méjì tó bá olórí sá lọ sókè sódò rẹ́. Ẹ̀dùn ọkàn gidi ni ìyẹn fún ẹni tó lọ jókòó ti aláró.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń da olùkọ́ láàmú: “wọn”. Bí a bá kọ ọ́ pé “a fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn, wọn kò sì dáhùn”, ta ni? Lágbájá àti Tàmẹ̀dò ni, àbí ìyá aládìrẹ kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún? Níbi tí ẹni ọ̀wọ̀ bá ti wà nínú ìtàn, orúkọ ni kí a dá padà, kí a má fi “wọn” sílẹ̀ fún ìméfò.

Bí mo bá jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́. Àkọlé rẹ̀ yóò jẹ́ “Ibi tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ kẹta lórí àdìrẹ dé”:

“Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ kẹta. Mo fẹ́ fi ibi tí iṣẹ́ wa dé tó yín létí. Apá àdìrẹ oníko, apá aró àti àwòrán ti parí. Lágbájá, tó gba àdìrẹ ẹlẹ́kọ, bá wa kọ ìbéèrè tí a lò ní Ìtòkú ní ìpàdé àkọ́kọ́. Kò wá sí ìpàdé ọjọ́ 9, 16 àti 23 oṣù Karùn-ún, a kò sì tíì rí apá tirẹ̀ gbà. Tàmẹ̀dò ti kọ orúkọ ọnà mẹ́fà, Olókun àti Ìbàdàndùn wà nínú wọn. Ó ku mẹ́rìnlá. Mo pe àwọn méjèèjì ní ọjọ́ 24. Tàmẹ̀dò ní ara òun kò yá. Lágbájá kò tíì dáhùn.

Ẹ jọ̀wọ́ sà, a bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fún àwa márààrún láyè láti wá rí yín kí ọjọ́ ìfisílẹ̀ tó pé, kí àwọn méjèèjì lè sọ tẹnu wọn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa bóyá kí a kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ apá tó ṣe. Mo ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ ṣé púpọ̀ sà.”

“Ẹ kú iṣẹ́” ni mo fi kí olùkọ́, nítorí a kò mọ̀ bóyá òwúrọ̀ tàbí alẹ́ ni wọn yóò ka ímeèlì. “Fi tó yín létí” ni mo lò, n kò “fi ẹnikẹ́ni sùn”. Mo sì ní kí a pe àwọn méjèèjì, torí agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti olùkọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ tún kíyè sí ọnà mẹ́fà Tàmẹ̀dò: “kò ṣe nǹkan kan” ti gbé wọn mì nínú ímeèlì àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, kí ẹ tó fi tiyín ránṣẹ́, ẹ wá gbogbo “kì í” tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá lè fi ọjọ́ rọ́pò, ẹ fi ọjọ́ rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá lè fi ọjọ́ rọ́pò, ẹ yọ ọ́ kúrò.