Ìrẹsì Kún Ọjà, Àwo Ṣófo: Òpó Mẹ́rin tí Oúnjẹ Dúró Lé, láti Topo

Ní ìparí ọdún 2019, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Topo, ní etí òkun Àgbádárìgì. Mo ṣì ń ka ìwé oyè àkọ́kọ́ nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa nípa ètò oúnjẹ ni, ẹ sì mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń ṣe tó bá ti mọ nǹkan tuntun. Mo ń ṣàlàyé fún àǹtí pé ìjọba ti bodè Sẹmẹ kí àwọn àgbẹ̀ wa lè rí ìrẹsì tiwọn tà, pé tó bá yá, ìrẹsì máa pọ̀ nílẹ̀. Àǹtí ń yí ẹja lórí ààrò, wọn ò tiẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ìrẹsì ò sí? Ìrẹsì kún ọjà. Owó tí màá fi rà á ni mi ò rí."

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé gbólóhùn yẹn gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òpó kìíní àti òpó kejì nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìdánilójú oúnjẹ. Ní ọdún 1996, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ìpàdé àgbáyé kan lórí oúnjẹ ní ìlú Róòmù. Wọ́n fẹnu kò níbẹ̀ pé ìdánilójú oúnjẹ wà nígbà tí gbogbo ènìyàn, ní gbogbo ìgbà, bá lè rí oúnjẹ tó tó, tí kò léwu, tó sì ń ṣe ara lóore. Inú ọ̀rọ̀ yìí la ti fa òpó mẹ́rin yọ. Àkọ́kọ́, ṣé oúnjẹ wà? Èkejì, ṣé ọwọ́ ẹni tó o? Ẹ̀kẹta, ṣé ara ń rí i lò? Ẹ̀kẹrin, ṣé mẹ́ta yìí máa dúró bẹ́ẹ̀ tí òjò bá kọ̀, tí odò bá kún, tàbí tí ọjà bá gbóná?

Ẹ jẹ́ kí á mú ìrẹsì nìkan, kí á sì tẹ̀ lé e láti oko títí dé ààrò àǹtí mi.

Lórí òpó kìíní, ìjọba Nàìjíríà ti sa ipá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ yọ ìrẹsì mọ́ àwọn ọjà 41 tí ẹni tó ń kó wọn wọlé kò ní rí dọ́là rà lọ́wọ́ ìjọba mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ààrẹ Buhari ṣí ètò Áńkọ̀ Bọ́rówà ní Bírìnín Kébbí. Bí ètò náà ṣe rí nìyí: wọ́n fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti owó díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyáwó, ilé iṣẹ́ tó ń lọ ìrẹsì sì ti ṣèlérí láti ra ìkórè rẹ̀. Àgbẹ̀ á wá fi ìrẹsì san gbèsè. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n tí owó ìrẹsì bá lọ sókè lọ́jà ju iye tí wọ́n jọ sọ tẹ́lẹ̀, kí ni ẹ rò pé àgbẹ̀ máa ṣe? Ọ̀pọ̀ wọn tà á fún ẹlòmíràn, gbèsè sì wà nílẹ̀. Èmi ò lè bá wọn jà, ẹni tó ní ọmọ nílé ò ní ta ọjà lówó pọ́ọ́kú nítorí àdéhùn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ra fún nínú ìròyìn. Tí wọ́n bá kéde pé a kórè ìrẹsì báyìí báyìí tọ́ọ̀nù, ẹ béèrè bóyá ìrẹsì eléèpo ni. Tí ẹ bá lọ tọ́ọ̀nù 100 ìrẹsì eléèpo, èèpo àti eruku rẹ̀ máa lọ, ohun tó máa kù fún sísè kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60 sí 65 lọ. Tí ẹ̀rọ bá ti gbó, ó máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, èrè á tún dín. Torí náà, nọ́ńbà oko kì í ṣe nọ́ńbà ìkòkò.

Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bodè ilẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ṣòro láti rí fún ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Sẹmẹ. Èbúté Kùtọnu ń gba ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ ju èyí tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lè jẹ tán. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn fẹ́ràn ìrẹsì funfun tí wọn ò bọ̀, àwa ní Nàìjíríà la fẹ́ràn èyí tí wọ́n bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ibo ni ìrẹsì yẹn ń lọ?

Bodè tì, ó sì dé Topo. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òpó kejì kò ju ọ̀rọ̀ iye owó ọjà lọ. Ẹsẹ̀ méjì ni òpó kejì ní: iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ, àti iye tó ń wọlé fún ẹni tó fẹ́ rà á. Bodè tí wọ́n tì gbá ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrẹsì gbówó lórí. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn oníbàárà tó máa ń ti ọ̀nà Kùtọnu wá ra ẹja gbígbẹ àti àgbọn lọ́wọ́ àǹtí mi kò lè kó ọjà kọjá mọ́. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè. Ẹni tó bá mọ bí ẹja ṣe ń kúrò ní etíkun mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí owó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe àwọn nọ́ńbà yìí kó lè rọrùn, kì í ṣe iye ọjà gan-an. Ká ní ìdílé kan ń ya ₦6,000 sọ́tọ̀ fún oúnjẹ lọ́sẹ̀. Wọ́n ń ra kọ́ńgò ìrẹsì mẹ́rin ní ₦600 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ₦2,400. Ó ku ₦3,600 fún ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ àti epo. Wàyí o, kọ́ńgò di ₦900, owó oúnjẹ fúnra rẹ̀ sì wálẹ̀ sí ₦5,000 nítorí pé ọjà ò tà. Ìrẹsì nìkan gba ₦3,600. Ó ku ₦1,400.

Ṣé ẹ rí i? Kọ́ńgò mẹ́rin náà ni wọ́n ṣì ń jẹ. Ẹni tó bá wá ka iye ìrẹsì tó wọ ilé yẹn máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀wà àti ẹja ti dín ju ìdajì lọ. Ikùn àwọn ọmọ yó, eegun àti ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò rí ohun tó yẹ. Bí wàhálà ṣe máa ń ti òpó kejì bọ́ sí òpó kẹta nìyẹn láìpariwo.

Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Íńdíà kan, Amatya Sẹn, kọ ìwé ní ọdún 1981 lórí ìyàn tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bẹngáàlì ní 1943. Àlàyé rẹ̀ ni pé kì í ṣe pé oúnjẹ tán nílẹ̀ ló fa ìyàn náà, pé owó oúnjẹ ló sáré ju owó iṣẹ́ àwọn tálákà lọ. Nígbà tí mo kà á, ohùn àǹtí mi ni mò ń gbọ́.

Wọ́n ṣí bodè Sẹmẹ padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àmọ́ nígbà tó di ọdún 2024, ẹsẹ̀ méjèèjì tún yẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní oṣù keje, ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, síbẹ̀ àpò ìrẹsì kan ju ìyẹn lọ. Oṣù keje yẹn kan náà ni wọ́n kéde àǹfààní ọjọ́ 150 láti kó àgbàdo, wíìtì, ẹ̀wà àti ìrẹsì wọlé láìsan owó bodè. Ìrẹsì tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì bó eruku ara rẹ̀, kí àwọn ẹ̀rọ ìlọrẹsì tiwa lè parí iṣẹ́ náà níbí. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn: wọ́n fẹ́ tún òpó kejì ṣe láìwó òpó kìíní.

Ká padà sí òpó kẹta. Ìlànà tí a ní níbẹ̀ kì í pariwo rárá, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Láti 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódíìnì sínú iyọ̀ kí ọ̀fun má baà yọ gẹ̀gẹ̀. Ní 2002, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ilé iṣẹ́ fi fítámínì A sínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ba fítámínì A jẹ́. Òróró tó kúrò ní ilé iṣẹ́ ní pípé, tí wọ́n wá rọ sínú ìgò tó mọ́lẹ̀ kedere, tí wọ́n tò sójú oòrùn lójú ọ̀nà láti àárọ̀ títí di alẹ́, ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ò lè rí i, ahọ́n ò lè tọ́ ọ wò. Ẹ ra èyí tó wà níbòòji, jàre.

Òpó kẹrin ló rẹ̀yìn, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣubú. Ìjọba àpapọ̀ ní sáìlò 33 tó lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ó lé tọ́ọ̀nù 300,000 ọkà. Àbá ibẹ̀ ni pé kí á rà nígbà ìkórè tí ó pọ̀, kí á tú u sílẹ̀ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ tí aká àwọn àgbẹ̀ ti ṣófo, tàbí lẹ́yìn omíyalé bíi ti 2022 tó gbé oko ìrẹsì lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ tú tọ́ọ̀nù 42,000 sílẹ̀. Ó dún bí ohun ńlá. Ẹ pín in fún mílíọ̀nù 210 ènìyàn, ó jẹ́ gíráàmù 200 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ago mílíìkì kan àti díẹ̀ nìyẹn. Irú iye yẹn lè ran àwọn ìdílé tó wà nínú ìṣòro jù lọ́wọ́, tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò lè fa owó ọjà wálẹ̀. Sáìlò tó tóbi kò wúlò tí a kò bá kún un nígbà tí ọjà ṣì pọ̀.

Àǹtí mi ní sáìlò tiwọn: ike ńlá méjì tó kún fún gaàrì, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ lókè ààrò. Wọ́n máa ń ra gaàrì sílẹ̀ nígbà tí ẹja bá pọ̀ tí owó sì wọlé, torí pé wọ́n mọ̀ pé òkun máa ru tó bá yá, ọkọ̀ ẹja ò sì ní jáde. Afẹ́fẹ́ òkun ní ọ̀rinrin, gaàrì sì ń fà á mu. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ike, wọ́n á bu gaàrì, wọ́n á fún un nínú àtẹ́lẹwọ́. Tó bá ṣàn jáde láàárín ìka, ó dára. Tó bá dì mọ́ra, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ padà sínú agbada, wọ́n á tún un yan lórí iná kékeré kó tó bu.