Ó sọdá ni, àbí ó kàn án lásán?

Ẹ jẹ́ ká gbé gbólóhùn kan yẹ̀ wò, irú èyí téèyàn lè gbọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò: “Gíráàfù y = x³ − 3x + 2 gé ìlà x ní ibi méjì, nítorí náà ó ní gbòǹgbò méjì.” Kò sí ohun tó ṣe gírámà rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ, tí kò rí àwòrán náà, kò ní lè fọwọ́ ara rẹ̀ ya á, torí pé ohun méjì tó yàtọ̀ síra ló ń ṣẹlẹ̀ níbi méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà la sì fi sọ wọ́n. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ìlà x ni ìlà ìbú tí y ti jẹ́ òdo. Gbòǹgbò sì ni iye x tó ń sọ y di òdo. Torí náà, gbogbo ibi tí gbòǹgbò bá wà ni gíráàfù ti ń pàdé ìlà x. Pé wọ́n pàdé kò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tó yẹ ká wádìí ni ohun tí gíráàfù ṣe lẹ́yìn tí wọ́n pàdé tán.

Ká kọ́kọ́ tú ìṣirò náà sínú àkámọ́. Ohun tó máa fún wa nìyí: x³ − 3x + 2 = (x − 1)(x − 1)(x + 2). Bí x bá jẹ́ −2, àkámọ́ kan ṣoṣo ló di òdo. Bí x bá jẹ́ 1, méjì ló di òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Gbòǹgbò −2 wáyé lẹ́ẹ̀kan. Gbòǹgbò 1 wáyé lẹ́ẹ̀mejì.

Níbí ni “méjì” àti “ẹ̀ẹ̀mejì” ti pínyà. “Àlejò méjì wá” kì í ṣe “àlejò wá lẹ́ẹ̀mejì”. Méjì ń ka nǹkan, ẹ̀ẹ̀mejì ń ka ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Gbòǹgbò méjì ni ìṣirò wa ní lóòótọ́, −2 àti 1, ṣùgbọ́n tí a bá ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyé, mẹ́ta ló máa jẹ́, ìyẹn sì bá agbára mẹ́ta tó wà lórí x mu. Nítorí náà, ẹ lè pe 1 ní gbòǹgbò ẹlẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má pè é ní gbòǹgbò onílọ́po méjì. Ìlọ́po méjì 1 ni 2, ẹni tó bá sì fi 2 sípò x máa rí i pé 4 ni y, kì í ṣe òdo.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, níbi −2. Tí x bá jẹ́ −3, y jẹ́ −16. Tí x bá dé −2, y di òdo. Tí x bá jẹ́ −1, y ti di 4. Gíráàfù wà nísàlẹ̀ ìlà, ó dé orí rẹ̀, ó sì bọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ tó bá èyí mu ni “sọdá”. Ẹni tó sọdá odò ti kúrò ní etí odò kan, ó ti wà ní èkejì. Ẹni tó dé etí omi, tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, tó sì padà sílé, kò tíì sọdá. Mo fara mọ́ “sọdá” ju “kọjá” lọ, torí pé ọkọ̀ lè kọjá níwájú ilé lójoojúmọ́ láìsọdá ohunkóhun. Kọjá kò sọ fún wa bóyá èèyàn yí ìhà padà.

Ní 1 ńkọ́? Tí x bá jẹ́ 0.9, y jẹ́ 0.029. Tí x bá jẹ́ 1, y jẹ́ òdo. Tí x bá jẹ́ 1.1, y jẹ́ 0.031. Ṣé ẹ rí i pé òkè ló ti wá, òkè náà ló sì padà sí? Gíráàfù sọ̀ kalẹ̀, ó fara kan ìlà, ó sì ṣẹ́rí padà. “Kàn” lọ̀rọ̀ tó bá èyí mu. Ẹni tó bá ní ó “gé” ìlà níbẹ̀ ti mú ká rò pé apá kan gíráàfù bọ́ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ìlà kò rí i níbẹ̀ rárá.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí wà nínú àkámọ́. Àkámọ́ (x − 1) kéré sí òdo nígbà tí x ṣì wà lápá òsì 1. Gbàrà tí x bá ti ré 1 kọjá, ó di iye tó ju òdo lọ. Àmì rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n méjì ni irú àkámọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò wa, àwọn méjèèjì sì ń yí àmì padà lójú kan náà. Èyí tí àkọ́kọ́ bá yí, èkejì á yí i padà sí bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí nọ́ńbà kan lórí ìlà x tó máa sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí èsì rẹ̀ á kéré sí òdo. Ohun tó ń pinnu ìhà tí gíráàfù wà nítòsí 1 ni àkámọ́ tó kù, (x + 2), tó jẹ́ nǹkan bíi 3 níbẹ̀. Òkè ni 3 wà, òkè sì ni gíráàfù dúró sí. Tí àmì àyọkúrò bá wà níwájú gbogbo ìṣirò náà, ìsàlẹ̀ ni gíráàfù á ti wá kan ìlà, tí á sì padà sí ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, iye ìgbà ni kí ẹ máa wò. Tí gbòǹgbò bá wáyé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, àmì kan ṣẹ́kù tí kò rí ẹni yí i padà, gíráàfù á sì sọdá. Tó bá wáyé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà, àwọn àmì á yí ara wọn padà tán ní méjì-méjì, gíráàfù á sì kàn án lásán.

Gbòǹgbò ẹlẹ́ẹ̀mẹta ló máa ń tan ojú jẹ jù. Ẹ wo y = (x − 1)³(x + 2). Ní 0.9, y jẹ́ −0.0029, ní 1.1, ó jẹ́ 0.0031. Láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè ni, ó sọdá. Àmọ́ nọ́ńbà tó bá fi 0.1 jìnnà sí 1 ni àkámọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ di ìdá kan nínú 1,000, nítorí náà gíráàfù tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ìlà kó tó gbéra. Ẹni tó bá ń fi ojú lásán wò ó lè sọ pé kíkàn ló kàn án. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tó máa gbà wá níbí: ó “rọra” sọdá. Rọra sọ bó ṣe lọ, sọdá sọ ibi tó dé, ọ̀kan kò sì gba ipò èkejì.

Báwo la ṣe máa mọ iye ìgbà tí gbòǹgbò wáyé bí wọn ò bá tú ìṣirò sínú àkámọ́ fún wa? Ẹ wá dẹrífétíìfù rẹ̀, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ bí gíráàfù ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó níbi kọ̀ọ̀kan. Ti x³ − 3x + 2 ni 3x² − 3. Ẹ fi −2 sí i: 9 lẹ máa rí. Kì í ṣe òdo, torí náà ẹ̀ẹ̀kan ni gbòǹgbò náà wáyé. Ẹ fi 1 sí i: òdo ni. Èyí fi hàn pé ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ tún wá dẹrífétíìfù ti dẹrífétíìfù náà, tó jẹ́ 6x. Ní 1, ó jẹ́ 6. Ìgbà kejì ni a tó rí ohun tí kì í ṣe òdo, nítorí náà ẹlẹ́ẹ̀mejì ni. Tó bá jẹ́ ìgbà kẹta ni a tó rí i, ẹlẹ́ẹ̀mẹta ni.

Ìyàtọ̀ sísọdá àti kíkàn kò mọ sórí ẹnu. Ọ̀nà kan wà tí kọ̀ǹpútà ń gbà wá gbòǹgbò: á mú iye x méjì, á wò ó bóyá y wà nísàlẹ̀ òdo lọ́dọ̀ ọ̀kan, tó sì wà lókè lọ́dọ̀ èkejì, á wá máa pín àárín wọn sí méjì títí yóò fi há gbòǹgbò mọ́. Gbòǹgbò tí gíráàfù ti sọdá ni ọ̀nà yìí lè há mọ́. Ẹ fún un ní 0 àti 3 nínú ìṣirò wa: y jẹ́ 2 ní ọ̀kan, ó jẹ́ 20 ní èkejì. Òkè ni méjèèjì wà, ọ̀nà yìí ò sì ní ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò 1 wà láàárín wọn gbọnrangandan. Ẹni tó bá ń fi x fo 0.4 lọ́kọ̀ọ̀kan láti 0 máa rí 0.112 ní 0.8, á rí 0.128 ní 1.2, kò sì ní mọ̀ pé òun ti fo gbòǹgbò kan.

Ọ̀rọ̀ “fẹ́rẹ̀ẹ́” náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi 0.01 kún ìṣirò náà kó di x³ − 3x + 2.01. Níbi 1, ibi tó lọ sílẹ̀ jù tí gíráàfù dé jẹ́ 0.01 lókè ìlà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án ni, gbòǹgbò kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ wá yọ 0.01 kúrò lára ti àkọ́kọ́ kó di x³ − 3x + 1.99. Gíráàfù bọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì sọdá lẹ́ẹ̀mejì, ní nǹkan bíi 0.94 àti 1.06. Lórí ìwé tí a fi pẹ́ńsù yà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbejì. Lọ́dọ̀ −2, ní tirẹ̀, ìyípadà kan náà kàn sún gbòǹgbò sí nǹkan bíi −2.001 tàbí −1.999, gíráàfù ṣì ń sọdá bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ibi tí gíráàfù bá ti sọdá kì í bàjẹ́ nítorí àṣìṣe kékeré, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti kàn lásán lè pòórá tàbí kó pín sí méjì. Nítorí náà, tó bá jẹ́ àwòrán nìkan lẹ rí, “ó jọ pé ó kàn án” ni kí ẹ sọ. Ẹ fi “ó kàn án” sílẹ̀ títí ẹ ó fi fi àkámọ́ tàbí dẹrífétíìfù yẹ̀ ẹ́ wò.