Ìbéèrè Wo Lo Ń Lé Kiri?

LẸ́TÀ: Mo kàwé gboyè nípa ohun ọ̀gbìn ní FUTA, mo sì fẹ́ lọ gba oyè kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àlàyé tí wọ́n ní ká kọ nípa ara wa, mo to gbogbo àṣeyọrí mi síbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá mi kà á ní àkójọ lásán ni. Mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ni kí n ṣe?
— Ọmọ Ìta-Ògbólú

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ lẹni náà sọ. Ẹ̀bùn, ipò balógun bọ́ọ̀lù àti ìwé ẹ̀rí ti ní àyè tiwọn nínú fọ́ọ̀mù. Ohun tí àwọn olùyẹ̀wò ń wá nínú àlàyé yìí ni ìdí tí o fi ṣe ohun tí o ṣe.

Kọ́kọ́ mú ohun kọ̀ọ̀kan, kí o bi í pé: kí ló yé mi níbẹ̀ tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Mo ṣe é fún tìrẹ. Ẹ̀bùn kò rí èsì fọ̀, bọ́ọ̀lù náà kò rí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta tí o fọ́n káàkiri ń lé ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí àwọn àgbẹ̀ kókó fi ń pẹ́ kí wọ́n tó fín oògùn? Òun ni kókó ọ̀rọ̀ rẹ. Wo bí wọ́n ṣe so pọ̀:

“Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn oko tí mo ti ṣiṣẹ́, ìgbà tí èso kókó bá ti dúdú lọ́pọ̀ àgbẹ̀ ń wá ra oògùn. Bẹ́ẹ̀, èso tí àrùn kò tíì mú ni oògùn náà ń dáàbò bò, kì í wo èyí tó ti bàjẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fi iṣẹ́ àṣekágbá mi wádìí ìgbà tó yẹ kí wọ́n fín in. Àmọ́ nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀, àwọn àgbẹ̀ sọ fún mi pé àwọn mọ ìgbà náà. Owó ni kò sí lọ́wọ́ nígbà òjò, nítorí kókó kò tíì tó ká.”

Ó ti hàn báyìí pé ẹ̀kọ́ nípa owó yíyá fún àgbẹ̀ lo nílò. Dárúkọ kọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni ní ìyẹn níléèwé tí o ń lọ.

Láti yẹ àlàyé rẹ wò, gbé ìpínrọ̀ kẹta sípò ìkejì. Bí ohunkóhun kò bá dàrú, àkójọ ṣì ni. “Lẹ́yìn náà” lásán kò tó láti so ìpínrọ̀ méjì pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ló yẹ kó bí ìkejì.

Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Chevening lo ń wá, ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń bi ènìyàn nípa ìdarí, ìbáṣepọ̀, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọjọ́ iwájú. Dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kókó kan náà lè gba inú wọn kọjá. Má sì ṣe sọ pé láti kékeré lo ti ń ronú owó àgbẹ̀. Ìgbà tó yé ọ gan-an ni kí o kọ.