Ìtumọ̀ Òfin Rọ́bọ́ọ̀tì sí Èdè Yorùbá: Apá Kejì Òfin Kìíní

Ọ̀rọ̀ náà rọ́bọ́ọ̀tì kọ́kọ́ jáde nínú eré oníṣe tí Karel Čapek, ará ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, kọ ní ọdún 1920. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilẹ̀ náà ń lò fún iṣẹ́ tí tálákà ń fi túláàsì ṣe lóko olóyè ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Nínú eré yìí, àwọn òṣìṣẹ́ àtọwọ́dá náà ṣọ̀tẹ̀, wọ́n sì pa àwọn ènìyàn run. Nígbà tí Isaac Asimov, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn rọ́bọ́ọ̀tì tirẹ̀, kò fẹ́ kí ìtàn máa parí báyìí nígbà gbogbo. Nítorí náà ni ó ṣe fi òfin mẹ́ta sínú ọpọlọ àwọn rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó sì to òfin náà lẹ́sẹẹsẹ nínú ìtàn kan tí ó jáde ní oṣù kẹta, ọdún 1942.

Òfin kejì ni pé kí rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó dáàbò bo ara rẹ̀. Òfin kìíní ni ó ga jù wọ́n lọ, ó sì ní apá méjì. Apá kìíní ni pé rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ pa ènìyàn lára. Apá kejì ni pé, bí ewu bá ń bọ̀ wá bá ènìyàn, rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ dúró láìṣe nǹkan kan. Apá kejì yìí ni ó máa ń fún ògbufọ̀ ní ìṣòro.

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni kí a kọ ọ́ pé rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ènìyàn fara pa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni ‘jẹ́ kí’ ń ṣe nínú èdè wa. Bí a bá ní ‘Bàbá jẹ́ kí n lọ’, ìyọ̀ǹda ni. Bí a bá ní ‘Òjò ni ó jẹ́ kí n pẹ́’, òjò ni ó fa ìdádúró náà. Ẹni tí ó bá fi ojú kejì yìí ka òfin wa yóò rò pé apá kejì kàn ń tún apá kìíní sọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi oko kan ní agbègbè Àgọ́-Àmọ̀dù ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọyẹ́ ti mú, koríko ti gbẹ, iná sì ń jó bọ̀ láti inú igbó wá sí ibi tí ọmọdé kan sùn sí. Rọ́bọ́ọ̀tì tí ń ṣọ́ oko náà kò dáná, kò sì fọwọ́ kan ọmọ. Bí apá kìíní nìkan ni ó mọ̀, kò sí òfin tí ó rú bí ó bá dúró wo iná náà títí.

Asimov fúnra rẹ̀ fi ewu yìí hàn nínú ìtàn kan tí ó jáde ní ọdún 1947. Ní ibùdó ìwádìí kan lójú òfuurufú, àwọn ènìyàn ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nínú ìtànṣán gámà. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì a máa sáré wọlé láti fà wọ́n jáde, ìtànṣán náà a sì ba ọpọlọ wọn jẹ́. Nítorí èyí, a ṣe àwọn rọ́bọ́ọ̀tì mélòó kan tí kò ní apá kejì. Ní ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ kan bínú sí ọ̀kan nínú wọn, ó ní kí ó lọ sọnù. Rọ́bọ́ọ̀tì náà gba ọ̀rọ̀ yìí bí ó ti rí, ó sì lọ sá pamọ́ sáàárín méjìlélọ́gọ́ta mìíràn tí ó jọ ọ́.

Susan Calvin, onímọ̀ nípa ọkàn rọ́bọ́ọ̀tì nínú ìtàn náà, ṣàlàyé ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Rọ́bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ lè ju ẹrù wúwo sókè orí ènìyàn láìrú òfin, nítorí ó mọ̀ pé òun lágbára láti mú un kí ó tó balẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti jù ú, kò sí òfin tí ó ní kí ó mú un mọ́. Ẹrù ni yóò pa ènìyàn náà, kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. A rí i pé bí apá kejì bá sọnù, apá kìíní pàápàá kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, a dábàá pé kí a lo ‘wòran’ fún apá yìí: rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ wòran nígbà tí ewu ń bọ̀ wá bá ènìyàn, bí agbára rẹ̀ bá ká a láti gbà á. Àwọn kan lè fẹ́ràn ‘fọwọ́ lẹ́rán’ jù ú lọ, nítorí ó dùn létí. Ṣùgbọ́n rọ́bọ́ọ̀tì tí ó lọ sọnù nítorí pé a ní kí ó lọ sọnù kò mọ àkànlò èdè. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ti sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò gbà pé òun ti pa òfin mọ́.

‘Wòran’ náà ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tí kò rí ewu kò wòran. Rọ́bọ́ọ̀tì tí ó kọ ẹ̀yìn sí iná kò jẹ̀bi lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àléébù yìí wà nínú òfin Asimov pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì bá mọ̀ nìkan ni òfin lè dè é sí. Kò yẹ kí ògbufọ̀ bá òǹkọ̀wé tún un ṣe.