Fárísítọ̀, Sítébíláísà àti Ẹ́ẹ̀tì: Ìdáàbòbò Kọntírólà Kànga Ẹ̀rọ ní Ìgbàrà-Odò

Ẹni tó bá ti gbé Ìgbàrà-Odò Èkìtì rí mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tí iná lọ nìkan ni nǹkan ń bàjẹ́. Ìgbà tí iná bá dé gan-an ni ẹ̀rù ń bà wá jù. Wáyà tó yẹ kó gbé fóltì 230 lè wálẹ̀ sí 150 nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé ń lo iná, kó sì kọjá 250 lóru. Tí òjò bá sì ń kù, àrá tó sán lókèèrè lè rán iná òjijì gba orí wáyà òpó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó ní kànga ẹ̀rọ. Pọ́ǹpù tí àwa ń pè ní súmò wà nínú kànga, táńkì wà lórí òpó, fílóòtì wà nínú táńkì, kọntírólà kékeré kan tó ń tan kọ́ńtátọ̀ pọ́ǹpù sì wà lára ògiri. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra sítébíláísà, wọ́n á so kọntírólà mọ́ ọn, wọ́n á ní ó parí. Kò tíì parí o.

Sítébíláísà oníríléè jẹ́ tiransifọ́mà tó ní ẹnu púpọ̀. Tí fóltì bá yí padà, ríléè á gbé wáyà láti ẹnu kan sí èkejì. Ìyẹn gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná òjijì láti ọ̀dọ̀ àrá kì í lò ju ìwọ̀nba máíkírósẹ́kọ́ǹdì mélòó kan lọ, nítorí náà ó ti kọjá kí ríléè tó mọ̀ pé àlejò dé. Tiransifọ́mà inú rẹ̀ kò sì ya ẹnu àbáwọlé kúrò lára ẹnu àbájáde, wáyà kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Iṣẹ́ sítébíláísà ni ìyípadà tó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ fárísítọ̀ ni èyí tó yára. Ní fóltì tó wà déédéé, ó dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Tí fóltì bá ga kọjá ààlà rẹ̀, ó ṣí ọ̀nà lójijì, ó sì gbé iná náà gba ara rẹ̀ kọjá. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni 20D431K. Nọ́ḿbà 20 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, 431 túmọ̀ sí 43 pẹ̀lú òdo kan, ìyẹn fóltì 430. Ó lè jókòó sórí iná NẸ́PÀ tí kò kọjá fóltì 275 títí láé. Nígbà tí áńpìà 100 bá ń gba ara rẹ̀ kọjá, fóltì tó wà lẹ́nu rẹ̀ á tó nǹkan bíi 710.

Àmọ́ fárísítọ̀ kò lè fara da fóltì gíga tó bá dúró pẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àdúgbò wa ti yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Tí wáyà níútírà bá já láàárín tiransifọ́mà àdúgbò àti àwọn ilé, ilé méjì tó wà lórí fésì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á di ẹni tó tò tẹ̀léra lórí fóltì 400. Ilé tí kò lo iná púpọ̀ ni ó máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fóltì 400 yìí ní ṣóńṣó tó tó 566, bẹ́ẹ̀ 430 ni ààlà 20D431K. Yóò gbóná, yóò bẹ́, ó sì lè gbiná. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ 20D621K (fóltì 385) níwájú sítébíláísà, kí 20D431K wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí fóltì ti wà létòlétò. Èyí àkọ́kọ́ náà kò lè gba 400 fún wákàtí púpọ̀, kí fíúsì wà níwájú fárísítọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ohun tó ń já iná nígbà tí fóltì bá ti pọ̀ jù sì wà níwájú gbogbo wọn.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń kọ́ kọntírólà máa ń gbójú fò. Tí sítébíláísà bá ń bọ́ kọntírólà, kọntírólà kò ní mọ̀ mọ́ pé iná ìta ti wálẹ̀ sí 150. Yóò máa di kọ́ńtátọ̀ mú gírígírí, pọ́ǹpù tí a kò so mọ́ sítébíláísà á sì máa jóná nínú kànga. Ẹ jẹ́ kí kọntírólà máa wọn fóltì láti iwájú sítébíláísà, kó sì dá pọ́ǹpù dúró tó bá ti kéré ju ohun tí a kọ sára pọ́ǹpù lọ.

Ó ku ọ̀nà tí a gbà so ó. Wáyà gígùn kan mítà ní nǹkan bíi máíkíróhẹ́ńrì kan. Ká ní iná òjijì áńpìà 3000 gòkè láàárín máíkírósẹ́kọ́ǹdì mẹ́jọ:

```
V = L × di/dt = 1 µH × 3000 A / 8 µs = 375 V
```

Mítà kan péré ti fi fóltì 375 kún iye tí fárísítọ̀ fẹ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró sí. Ẹsẹ̀ fárísítọ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, kó wà lẹ́nu ibi tí wáyà ti wọ àpótí kọntírólà gan-an.

Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Òkúta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì káàkiri, ẹ wo Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, nítorí náà ọ̀pá lè má wọlé jìnnà. Àgbékalẹ̀ tí a ń lò nìyí, níbi tí L ti jẹ́ gígùn ọ̀pá, d ìbú rẹ̀, ρ sì jẹ́ agídí ilẹ̀:

```
R = ρ/(2πL) × (ln(8L/d) − 1)
```

Ní ilẹ̀ tí ρ rẹ̀ jẹ́ 100, ọ̀pá mítà 2.4 tó fẹ̀ ní mílímítà 16 máa fún wa ní óòmù 40. Ìlàjì gígùn yẹn á fún wa ní 72. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, iye náà lè di ìlọ́po rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀yin kò fi gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé bírékà lásán: bí fésì bá fara kan ara irin, 230 pín sí 40 jẹ́ áńpìà 5.75 péré, bírékà áńpìà 20 kò ní ta pútú. Bírékà tó ń mọ iná tó ń jò ni ẹ máa lò.

Ẹ má ṣe fi gílóòbù dán ẹ́ẹ̀tì wò bí àwọn oníná wa ti máa ń ṣe. Gílóòbù wọ́ọ̀tì 60 ní óòmù 882. Kódà bí ẹ́ẹ̀tì bá tó óòmù 200, fóltì 187 ṣì wà lórí gílóòbù, á máa tàn wẹ̀ù, ẹ ó sì rò pé ẹ́ẹ̀tì dára. Ẹ̀rọ àfiwọn ẹ́ẹ̀tì tó ń lo ọ̀pá mẹ́ta ló lè sọ òótọ́.

Ohun tó ń pa kọntírólà kànga jù lọ, lójú tèmi, ni pé pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ́ẹ̀tì mìíràn, nítorí inú omi ló wà. Òpó táńkì tún jẹ́ òmíràn. Tí iná òjijì bá gbé ọ̀pá ilé ga sí ẹgbẹ̀rún fóltì púpọ̀, tí kànga sì wà nísàlẹ̀ gan-an, ojú ọ̀nà tó kù ni wáyà pọ́ǹpù àti wáyà fílóòtì, pátákó kọntírólà á sì di afárá. Ẹ so irin kànga, irin òpó táńkì, ọ̀pá ilé àti àpótí kọntírólà mọ́ ojú kan pẹ̀lú wáyà nípọn, kí gbogbo wọn jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀. Fárísítọ̀ kan tún gbọ́dọ̀ wà láàárín láìfù àti ẹ́ẹ̀tì, òmíràn láàárín níútírà àti ẹ́ẹ̀tì, lẹ́nu àpótí náà.

Fárísítọ̀ ń rẹ̀ bí iná òjijì ti ń pọ̀, ẹ̀rọ àfiwọn lásán kò sì lè rí i, àyàfi tó bá ti gún pátápátá. Tí ẹ bá rí i pé ó dúdú, tó sán, tàbí tó ń gbóná nígbà tí iná wà déédéé, ẹ pa iná, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ fóltì 500 wọn ìdábòbò wáyà ilé, ẹ kọ́kọ́ tú fárísítọ̀ kúrò, nítorí yóò ṣí ọ̀nà, ẹ̀rọ náà á sì sọ fún yín pé wáyà tó dára ti bàjẹ́.